Báwo ni ìkànìyàn ṣe ń mọ ẹni tó ṣí wá? Bí ẹ ṣe máa lo ibi tí wọ́n bíni sí àti ibi téèyàn ń gbé tẹ́lẹ̀

Ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa n'Íkòròdú bí wọ́n ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù ìkànìyàn. "Ẹ̀gbọ́n, Kétu ni wọ́n bí mi sí, Ìwó ni bàbá mi ti wá, Òdògunyàn ni mo ń gbé báyìí, ṣé àlejò ni mí àbí ọmọ onílẹ̀?" Ẹlòmíì á ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ibi tóun ń gbé tẹ́lẹ̀ ṣe, ṣé owó orí ni. Kì í ṣe owó orí o. Fọ́ọ̀mù yẹn ò sì bìkítà bóyá ọmọ onílẹ̀ ni yín. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ ti sọdá ààlà kan rí kẹ́ ẹ tó dé ibi tẹ́ ẹ wà. Mo máa mú ilé kan ṣoṣo, a jọ máa kọ fọ́ọ̀mù gbogbo àwọn tó wà ńbẹ̀, ẹ̀yin náà á rí ibi tó ti máa ń dàrú.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ mú ààlà kan

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ṣíṣí nínú ìkànìyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ bó ṣe jìn tó, ààlà lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó kó láti Ìgbógbò wá sí Òdògunyàn ti náwó mọ́tò, ó ti háyà ọkọ̀ akẹ́rù, ó ti wá ilé tuntun, síbẹ̀ kò ṣí rárá lójú fọ́ọ̀mù, torí ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú kan náà ni méjèèjì wà. Ẹni tó kó láti Ṣágámù wá sí Òdògunyàn, tí kò jìnnà rárá, ti kúrò nípìnlẹ̀ Ògùn wọ ìpínlẹ̀ Èkó, aṣíkiri gidi nìyẹn.

Torí náà ẹ pinnu bóyá ìpínlẹ̀ lẹ fẹ́ lò ni àbí ìjọba ìbílẹ̀. Tó bá jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ogún tó wà nínú kọnsitíṣọ́ọ̀nù l'Ékòó ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má lo àwọn ìjọba agbègbè mẹ́tàdínlógójì tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2003, torí bẹ́ ẹ bá lò wọ́n, ẹni tó kó láti Ìmọ̀ta wá sí Ìjẹ̀dẹ́ á ti di aṣíkiri, nọ́ńbà yín ò sì ní bá ti ẹnikẹ́ni mu mọ́.

Àwọn nǹkan tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan

- ọjọ́ orí ẹ̀
- ibi tí wọ́n bí i sí: ìjọba ìbílẹ̀ àti ìpínlẹ̀
- ibi tó ń gbé gan-an báyìí, tó lè yàtọ̀ sí ibi tẹ́ ẹ ti bá a
- ibi tó ń gbé kẹ́yìn kó tó wọ ìjọba ìbílẹ̀ yìí
- ọdún mélòó ló ti lò níbí láìkúrò

Ẹ ò rí "sitéètì ọ́f ọ́rígìn" nínú ẹ, àbí? Mi ò gbàgbé ẹ. Kò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe níbí.

Ilé tá a máa lò

Fésì-mí-n-fésì-ẹ kan ni, l'Òdògunyàn. Mo hun ún jọ láti ara oríṣiríṣi ilé tí mo ti rí, ẹ má wá a kiri.

Bàbá onílé: Ìkòròdú ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n ṣòwò ní Kánò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n ti padà wálé. Ìyá onílé: Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n bá ọkọ wọn lọ Kánò, wọ́n sì jọ padà dé ni. Aránṣọ kan wà ní yàrá iwájú, Adó-Èkìtì ni wọ́n bí i sí ní 1985, ibẹ̀ ló ń gbé títí tó fi wá síbí lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ọmọ ẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọsibítù kan n'Íbàdàn ni wọ́n ti bí i, torí aránṣọ lọ bímọ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó lo ogójì ọjọ́, ó gbé ọmọ padà wá s'Íkòròdú. Mẹkáníìkì kan wà, ìgboro Ìkòròdú ni wọ́n bí i sí, ó gbé Ìgbógbò, ó wá kó wá síbí. Dírẹ́fà kan tún wà, Kétu ni wọ́n bí i sí nínú ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, ó gbé Àgbádárìgì ọdún mẹ́rin, ó ti lo ọdún mẹ́ta n'Íkòròdú. Paríparí ẹ̀, ìyá dírẹ́fà wá kí i láti Àgbádárìgì, ó sun ibẹ̀ lóru tí wọ́n ń kànìyàn.

Èèyàn méje nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yọ àlejò sọ́tọ̀

Lọ́dọ̀ wa, ibi tí wọ́n bá ti rí ẹ ni wọ́n ti máa ń kà ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é ní 2006 tí wọ́n kànìyàn kẹ́yìn. Ó dáa fún iye èèyàn, ṣùgbọ́n ewu ni fún ọ̀rọ̀ ṣíṣí. Ìyá tó wá kí ọmọ ẹ̀ yẹn, Àgbádárìgì ló ń gbé. Tẹ́ ẹ bá fi "ibi tá a ti bá a" dípò "ibi tó ń gbé", ẹ ti sọ ọ́ di ẹni tó ṣí wá s'Íkòròdú, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Sátidé ló ń padà lọ. Ẹ bi í léèrè: "Mọ̀mọ́, níbo lẹ ń gbé gan-an?" Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù máa ń lo oṣù mẹ́fà: ibi tẹ́ ẹ ti lo oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ lò ó, nilé yín. Ẹ kọ Àgbádárìgì sílẹ̀ fún wọn, kẹ́ ẹ yọ wọ́n kúrò nínú tábìlì Ìkòròdú. Ó ku èèyàn mẹ́fà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ béèrè ibi tí wọ́n bíni sí, kẹ́ ẹ má gba orúkọ ìlú bàbá

Bẹ́ ẹ bá bi Yorùbá pé níbo ni wọ́n ti bí i, ìdajì wọn á dárúkọ ìlú bàbá wọn fún yín, wọn ò purọ́ o, ohun tí wọ́n gbọ́ nínú ìbéèrè yẹn ni "ọmọ ibo ni ẹ́?" Ẹ má bi í bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í pé: "Lọ́jọ́ tí ìyá yín bí yín, ìlú wo ni wọ́n wà?" Ìdáhùn á yí padà lójú ẹsẹ̀. Dírẹ́fà wa, Ìwó ló kọ́kọ́ sọ, ìgbà tí mo ní ìlú wo ni ìyá ẹ̀ wà lọ́jọ́ náà ló rẹ́rìn-ín tó ní Kétu.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé àṣìṣe yìí ti wọnú fọ́ọ̀mù: ẹ wo àwọn ọmọ kéékèèké. Tí ìyá bá ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún n'Íkòròdú, tí ọmọ ẹ̀ ọlọ́dún méjì wá jẹ́ ẹni tí wọ́n bí sí ìlú bàbá ẹ̀, nǹkan ń ṣe. Ó lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ gbogbo ilé àdúgbò ló rí bẹ́ẹ̀, akànìyàn yẹn ń kọ sitéètì ọ́f ọ́rígìn ni, ẹ dá a padà lọ.

Ti ọmọ aránṣọ wá ń kọ́? Ìbàdàn ni ọsibítù, ìwé ìbí ẹ̀ náà sọ Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò gbé Ìbàdàn rí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń béèrè ibi tí *ìyá ń gbé* nígbà tí wọ́n bí ọmọ, dípò ibi tí ọsibítù wà. Tí fọ́ọ̀mù yín bá gbà yín láyè, Ìkòròdú lẹ máa kọ fún un. Tí fọ́ọ̀mù bá sọ pé ibi tí wọ́n ti bí i gan-an ló fẹ́, ẹ kọ Ìbàdàn, ẹ má fọwọ́ ara yín yí i, àmọ́ ẹ rántí ọmọ yìí tá a bá dé ibi ìkà. Àwọn ìlú tó ní ọsibítù ńlá ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń bá jù, á dà bí ẹni pé ogunlọ́gọ̀ ọmọ ṣí kúrò ńbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fi orúkọ ìpínlẹ̀ ti òní kọ ọ́

Aránṣọ ní 1985 ni wọ́n bí òun, ìpínlẹ̀ Oǹdó l'Adó-Èkìtì wà nígbà yẹn, torí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 1996 ni wọ́n dá Èkìtì sílẹ̀. Èwo lẹ máa kọ? Èkìtì. Ààlà ti òní lẹ máa lò fún gbogbo èèyàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tí kò kúrò l'Adó rí láyé ẹ̀ á di ẹni tó ti Oǹdó ṣí wá s'Ékìtì láìgbé ẹsẹ̀. Ọ̀ṣun náà bẹ́ẹ̀, inú Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti yọ ọ́ ní 1991. Bàbá onílé pàápàá, ìgbà tí wọ́n bí wọn, Ìkòròdú ò sí lábẹ́ ìpínlẹ̀ Èkó, torí 1967 ni ìpínlẹ̀ Èkó dé, ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn la wà tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà kan máa ń tẹnu mọ́ ọn pé "Wẹ́sítàn Ríjọ̀n" ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ dá wọn lóhùn tìfẹ́tìfẹ́, kẹ́ ẹ kọ Èkó.

Nǹkan tó ń gbà yín níbí ni pé kẹ́ ẹ gba orúkọ *ìlú*, ẹ má gba ti ìpínlẹ̀ nìkan. Tí ẹnì kan bá sọ "Ọ̀yọ́" lásán, tó sì ti dàgbà, ẹ ò ní mọ̀ bóyá Ìbàdàn ni tàbí Òṣogbo.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ béèrè ibi tó ń gbé kẹ́yìn, ẹ fi ààlà sínú ìbéèrè yẹn

"Níbo lẹ ń gbé tẹ́lẹ̀?" ò tó. Mẹkáníìkì á sọ Ìgbógbò, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn ò wúlò torí inú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni. Ẹ bi í pé: "Ṣé ẹ ti gbé níta ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú rí, fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ?" Tó bá ní rárá, ẹ fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni: "Èwo lẹ gbé kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó wọ Ìkòròdú?"

*Kẹ́yìn* ni o. Dírẹ́fà fẹ́ sọ ìtàn Kétu fún yín títí ilẹ̀ á fi ṣú, Àgbádárìgì ló gbé kẹ́yìn, òun lẹ máa kọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi ọdún tó lò níbí yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀ wò

Ẹ fi ọjọ́ orí àti ọdún tó ti lò níbí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

- Tí ọdún tó lò bá ju ọjọ́ orí lọ, àṣìṣe pọ́ńbélé nìyẹn.
- Tí méjèèjì bá dọ́gba, àmọ́ tí ibi tí wọ́n bí i sí jẹ́ ibòmíì, ẹ padà lọ béèrè, àyàfi tó bá jẹ́ irú ọmọ aránṣọ tó kàn lọ bọ́ sáyé lọ́sibítù.
- Tí wọ́n bá bí i síbí, tí ọdún tó lò wá kéré sí ọjọ́ orí ẹ̀, ó ti lọ, ó ti bọ̀. Ibi tó ń gbé tẹ́lẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣófo.

Bàbá onílé ni ẹlẹ́kẹta yìí. Ẹ ò ní rí i láéláé tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n bí wọn sí nìkan lẹ béèrè.

Ẹ tún wo bí nọ́ńbà ọdún ṣe rí. Tó bá jẹ́ 5, 10, 15, 20 ló kún fọ́ọ̀mù, ẹni tí wọ́n bi ń fojú bù ú ni. Ẹ bá wọn fi nǹkan mú un, ìgbà tọ́mọ wọ iléèwé, ìgbà tí wọ́n lọ́yún ọmọ kejì, ìgbà ìkànìyàn 2006 pàápàá.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ pín wọn sí mẹ́rin

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Ẹ tò wọ́n báyìí, ní ìpele ìjọba ìbílẹ̀:

| Ẹni | Ibi tí wọ́n bí i | Ibi tó gbé kẹ́yìn | Báyìí |
|---|---|---|---|
| Bàbá onílé | Ìkòròdú | Kánò | Ìkòròdú |
| Ìyá onílé | Ẹ̀pẹ́ | Kánò | Ìkòròdú |
| Aránṣọ | Adó-Èkìtì | Adó-Èkìtì | Ìkòròdú |
| Ọmọ aránṣọ | Ìkòròdú (ilé ìyá) | – | Ìkòròdú |
| Mẹkáníìkì | Ìkòròdú | – | Ìkòròdú |
| Dírẹ́fà | Kòsọ́fẹ́ | Àgbádárìgì | Ìkòròdú |

Ẹni tí wọ́n bí síbí tí kò gbé ibòmíì rí, kò kúrò: ọmọ aránṣọ àti mẹkáníìkì. Ẹni tí wọ́n bí síbí àmọ́ tó gbé ibòmíì kẹ́yìn, ó padà: Bàbá onílé. Ẹni tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n bí i náà ló gbé kẹ́yìn, tààrà ló wá: aránṣọ. Ẹni tí gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra, ó gba ibòmíì kọjá: Ìyá onílé àti dírẹ́fà.

Ẹ wá wò ó báyìí. Ká ní ibi tí wọ́n bíni sí nìkan la lò, tá a sì gba Ìbàdàn fún ọmọ yẹn, aṣíkiri mẹ́rin la máa rí: Ìyá onílé, aránṣọ, ọmọ ẹ̀, dírẹ́fà. Ká ní ibi tí wọ́n gbé kẹ́yìn nìkan la lò, mẹ́rin náà la máa rí: Bàbá onílé, Ìyá onílé, aránṣọ, dírẹ́fà. Mẹ́rin àti mẹ́rin! Súpáfáísọ̀ tó kàn ń wo àròpọ̀ á ní ó bára mu, á buwọ́ lù ú, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí kò ṣí rí ti gba ipò ẹni tó lọ Kánò tó bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba àròpọ̀ gbọ́ tí mi ò bá rí ìlà ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Tó bá jẹ́ ìpínlẹ̀ lẹ fi ṣe ààlà ńkọ́? Dírẹ́fà á di ẹni tí kò kúrò, torí Kétu, Àgbádárìgì, Ìkòròdú, Èkó ni gbogbo wọn. Ìyá onílé á kúrò lára àwọn tó gba ibòmíì kọjá, á di ẹni tó padà, torí Ẹ̀pẹ́ wà l'Ékòó. Èèyàn kan náà ni o, ààlà la yí padà.

Tẹ́ ẹ bá ń lo Ẹ́sẹ́ẹ̀lì

Ẹ fi kóòdù ibi ìbí sí B, ibi tó gbé kẹ́yìn sí C, ibi tó ń gbé sí D:

```
=IF(OR(B2="",C2=D2,AND(B2<>D2,C2="")),"YEWO",IF(B2=D2,IF(C2="","KO KURO","O PADA"),IF(C2=B2,"TAARA","O KOJA")))
```

YEWO yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ ò ní in, gbogbo ẹni tí wọ́n bí síbòmíì tí wọn ò kọ ibi tó gbé kẹ́yìn sílẹ̀ ló bá ń bọ́ sí "O KOJA", mo ti ń kéde fún àwọn èèyàn pé Ìkòròdú kún fún àwọn tó ti rìn ká gbogbo Nàìjíríà kí ojú tó tì mí. Ẹ lo kóòdù, ẹ má tẹ orúkọ ìlú, torí "Ikorodu" àti "Ikorodu " tó ní àlàfo lẹ́yìn, ìlú méjì ni lójú Ẹ́sẹ́ẹ̀lì.

Ibi tí ọgbọ́n yìí ò dé

"Tààrà" ò fi hàn pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ṣí. Ká ní aránṣọ lọ gbé Àkúrẹ́ ọdún méjì, tó padà s'Ádó kó tó wá, ohun kan náà la máa kọ fún un. Ìbéèrè méjì ò lè rí gbogbo ìrìn téèyàn rìn.

Bákan náà, ibi tí èèyàn wà báyìí la ti ń mọ̀ pé ó kúrò níbòmíì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iye tó kúrò l'Ágbádárìgì, ẹ ò ní rí wọn l'Ágbádárìgì, inú fọ́ọ̀mù Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Ìbàdàn, gbogbo ibi tí wọ́n lọ lẹ ti máa kó wọn jọ. Ẹni tó ti kú tàbí tó ti jáde nílẹ̀ Nàìjíríà ò sí níbì kankan nínú ẹ̀. Ẹ tún kíyè sí dírẹ́fà: tó bá jẹ́ ibi ìbí lẹ lò, Kòsọ́fẹ́ ló pàdánù ẹ̀, tó bá jẹ́ ibi tó gbé kẹ́yìn, Àgbádárìgì ni. Torí náà ẹ má pò méjèèjì pọ̀ nínú tábìlì kan.

Ọ̀nà míì: "Níbo lẹ wà lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn?"

Àwọn orílẹ̀-èdè kan máa ń lo èyí, àwọn míì ọdún kan sẹ́yìn. Dídára ẹ̀ ni pé gbogbo èèyàn ló ń dáhùn nípa àsìkò kan náà. Nínú ilé wa, dírẹ́fà nìkan ló máa jáde, torí òun nìkan ló wà níta Ìkòròdú lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, Bàbá onílé tó ti dé lọ́dún mẹ́rìnlá sẹ́yìn ò ní hàn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ò lè dáhùn, ẹ yọ wọ́n kúrò nínú ìṣirò, ẹ má kọ "kò ṣí" fún wọn.

Tẹ́ ẹ bá ti béèrè ibi tó gbé kẹ́yìn àti ọdún tó lò níbí, ẹ ti ní ohun tó sún mọ́ ọn lọ́wọ́: ẹ ṣa àwọn tí ọdún wọn ò tó márùn-ún jáde. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ìyàtọ̀ yìí. Ká ní ọdún kan péré ni dírẹ́fà lò l'Ágbádárìgì kó tó wá, Àgbádárìgì náà ló máa sọ fún ìbéèrè "kẹ́yìn", ṣùgbọ́n Kétu ló máa sọ fún ti ọdún márùn-ún.

Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kẹ́ ẹ tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ nílé onílé

- Ṣé ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ni, àbí ó wá kí wọn ni?
- Ṣé ìlú tí ìyá wà lẹ kọ, àbí ìlú bàbá?
- Ṣé ìlú ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpínlẹ̀, orúkọ ìpínlẹ̀ sì jẹ́ ti òní?
- Ṣé ibi tó gbé kẹ́yìn wà níta ìjọba ìbílẹ̀ yìí lóòótọ́?
- Tí ọdún tó lò bá kéré sí ọjọ́ orí, ṣé àyè ibi tó gbé kẹ́yìn ò ṣófo?

Ẹni Kétu tó béèrè lọ́wọ́ mi níbẹ̀rẹ̀, ẹ ò tíì sọ ibi tẹ́ ẹ gbé kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó dé Òdògunyàn. Tó bá jẹ́ Kétu náà ni, tààrà lẹ wá ní ìpele ìjọba ìbílẹ̀. Ní ìpele ìpínlẹ̀, ẹ ò kúrò. Ìwó ò sí nínú ẹ̀ rárá.